"Ẹ Ṣeun Àná": Lẹ́tà Ọpẹ́ Tí Kì Í Tún Síífì Kọ

Bí a bá lọ jẹun níbi ìnáwó lánàá, ilẹ̀ kì í mọ́ kí a má yà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. A ó ní, "Ẹ ṣeun àná o." Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìkíni yìí máa ń gbà jáde lẹ́nu. Ẹnì kan á sọ ọ́ bí ẹni tó ń san èsúsú, á sì kọjá lọ. Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ ṣeun àná o. Àwọn àgbà ìdílé wa tí ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún kí òjò tó dé, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ yín tán." Ìyá tó ṣe ìnáwó á ti gbàgbé ẹni àkọ́kọ́ kó tó padà wọlé. Ẹni kejì á pẹ́ lọ́kàn rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ojú onítọ̀hún wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ímeèlì tí a máa ń kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò fún iṣẹ́, "ẹ ṣeun àná" ni òun náà. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé ó yẹ kí àwọn kọ ọ́. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ohun tí wọn yóò kọ sínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé iṣẹ́ náà bá àwọn mu, ọ̀rọ̀ tó sì sún mọ́ wọn jù lọ ni èyí tó ti wà nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti nínú síífì. Wọ́n á tún un kọ. Ẹni tó ti ka síífì náà lẹ́ẹ̀mejì á wá rí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló jẹ́ kí n fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ìbàdàn, nílé iṣẹ́ kan tó ń pín òògùn fún ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù òògùn. Alábòójútó sitóò ni wọ́n ń wá. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó níwájú rẹ̀: mánéjà sitóò, apòògùn àgbà ilé iṣẹ́ náà, àti obìnrin kan láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo lẹ́tà ọpẹ́ yìí kí n tó fi ránṣẹ́."

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ṣe ń fẹ́ ẹ. Ohun tó sọ nìyí ní Yorùbá:

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àǹfààní tí ẹ fún mi lónìí. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i nínú síífì mi, mo gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní sitóò fún ọdún mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ aláápọn àti olóòótọ́ ni mí, mo mọ ènìyàn bá ṣe, iṣẹ́ púpọ̀ kì í sì í dẹ́rù bà mí. Ó dá mi lójú pé èmi gan-an ni ẹ ń wá. Mo ń retí èsì rere."

Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀, kò sì sí àrífín. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan: "Ṣé o lè ti kọ lẹ́tà yìí láàárọ̀ òní, kó o tó kúrò nílé?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo lè kọ ọ́ o."

"A jẹ́ pé o kò tíì kí wọn kú àná."

Ìdánwò tí mo mọ̀ fún lẹ́tà ọpẹ́ nìyẹn, n kò sì tíì rí èyí tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá lè kọ ọ́ kí a tó dé ibẹ̀, inú síífì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Èyí tí a kò lè kọ àfi lẹ́yìn tí a ti jókòó nínú yàrá náà ni ojúlówó.

Ohun tó wà níwájú ẹni tó ń kà á

Èmi náà ti jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn rí, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ní ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ ènìyàn mẹ́fà la máa rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Síífì gbogbo wọn wà lórí tábìlì, a sì ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ ohun tí a fẹ́. Bébà kan tún wà tí a ń kọ ohun tí oníkálukú sọ sí. Nígbà tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú àwọn mẹ́fà náà á ti máa wọnú ara wọn. A ó máa sọ pé, "Èwo lẹni tó sọ̀rọ̀ fíríìjì? Ṣé ẹlẹ́wù búlúù ni àbí ẹni tó tẹ̀ lé e?"

Ní àkókò yìí, kò sí ẹni tó ń wá ilé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lọ. Ó wà níwájú wa. Nítorí rẹ̀ la ṣe pè é. Ohun tó kù tí a ń rò ni: bí a bá gba ẹni yìí, kí ni yóò ṣe sí ìṣòro tó wà nílẹ̀ níbí? Ìṣòro náà kì í sábàá sí nínú ìpolówó iṣẹ́. Ìpolówó á ní "kí ó ní ìrírí ọdún mẹ́ta." Kò ní sọ pé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní rúdurùdu, tàbí pé ẹ̀ka méjì kì í gbọ́ra wọn yé. Inú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń yọ jáde, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè, nígbà mìíràn bí àwàdà tàbí ìmí ẹ̀dùn.

Lẹ́tà tó bá gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú, tó sì fi ohun kan tí ẹni náà ti ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti dáhùn ohun tí a ń rò gan-an. Bí a ṣe ń sọ pé iṣẹ́ bá wa mu láìtún síífì kọ nìyẹn. Orúkọ iṣẹ́ tí a ti ṣe ló wà nínú síífì. Inú lẹ́tà ọpẹ́ la ti ń tú ọ̀kan péré lára wọn palẹ̀, ibi tó ti kan ìṣòro wọn nìkan.

Kí ọ̀rọ̀ tó sá lọ

Mo ní kí ọmọ náà gbé lẹ́tà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó mú bébà. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi í. Ìbá dára ká ní ó ti dáhùn wọn kó tó wọ mícrà tó gbé e lọ sí Mókọ́lá, nítorí láàárín wákàtí kan lẹ́yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn sọ gan-an á ti máa pòórá, á wá ku èrò tiwa nípa ohun tí wọ́n sọ.

Mo kọ́kọ́ bi í pé: kí ni wọ́n ráhùn lé lórí? Ó ní kò sí, pé ìbéèrè ni wọ́n ń bi òun. Mo ní kó tún rò ó. Ó wá rántí pé nígbà tí òun bèèrè bí oṣù ṣe ń rí ní sitóò wọn, mánéjà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìparí oṣù ni kó o máa bẹ̀rù. A máa ń ti sitóò pa fún ọjọ́ méjì gbáko ká lè ka ọjà, àwọn oníbàárà á sì máa bínú." Ó tún ní irú òògùn tí àwọn ń kó pa mọ́ tó 400.

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mo bá a rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

Ìbéèrè kejì: nínú ohun tí o ti ṣe rí, kí ló kan ìráhùn yìí, tí o kò sì sọ fún wọn? Ibí ni ojú rẹ̀ ti là. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn náà ti ń ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù rí. Ìgbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ọjà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Òun ló ń ṣètò èyí tí wọn yóò kà lónìí àti èyí tó kàn lọ́la. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo ní kó ka ohun tó kọ nípa rẹ̀ sínú síífì fún mi. Ó kà á: "Kíka ọjà àti títọ́jú àkọsílẹ̀." Ó tán. Ohun tó dára jù lọ tó ti ṣe wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí gbogbo alábòójútó sitóò ń kọ.

Ìbéèrè kẹta ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n: níbo ni o ti ṣi ẹsẹ̀ gbé? Ó mí kanlẹ̀. Apòògùn àgbà ti bi í pé, "Bí o bá dé láàárọ̀, tí o rí i pé iná ti lọ mọ́jú, tí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti gbóná kọjá 8°C, kí lo máa ṣe?" Ó dáhùn pé òun á tan jẹnẹrétọ̀ kó lè tutù padà. Apòògùn náà kọ nǹkan sílẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun.

Àwọn tó mọ̀ nípa òògùn mọ ohun tó fà á tí kò fi sọ̀rọ̀. Láàárín 2°C sí 8°C ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń wà. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ lè ti dín kù, títutù padà kò sì lè dá a padà. Ojú kò lè fi èyí tó ti bàjẹ́ mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kàn mú un tutù, tó sì tà á, lè ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí kò ní dáàbò bò ó. Ọmọ náà mọ èyí. Ó ti ṣe é rí pàápàá. Ẹ̀rù ló mú kó fo ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìdáhùn náà.

Fáìlì tí kò bá lẹ́tà lọ

Bí ọ̀rọ̀ kíka ọjà yìí ṣe yé e, inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ fi kún un. "Àǹtí, fáìlì Excel tí a fi ń ka ọjà níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n rí i?"

Mo ní kó má dán an wò. Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, iye tí wọ́n ní nílẹ̀ àti iye tí wọ́n rà á ló wà nínú fáìlì yẹn. Mo ní, "Bí o bá gbé ìwé ọ̀gá àná wá fún ọ̀gá ọ̀la, kí ni ọ̀gá ọ̀la máa rò pé o máa gbé lọ níbí lọ́jọ́ tó o bá ń lọ?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtara ń mú ṣe irú èyí, tí wọ́n sì ń rò pé ẹ̀rí ni àwọn ń gbé kalẹ̀. Ó tó kí ó ṣàlàyé ètò náà ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i á pè é.

Ohun tó wá ṣe dípò rẹ̀ ni ìṣirò kékeré kan tó lo iye tí mánéjà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Irú òògùn 400 ni wọ́n ní. Bí a bá ka 20 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 20 á ká gbogbo rẹ̀, oṣù kan sì sábàá ní ọjọ́ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí kíka irú kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí kan ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì tí ilẹ̀kùn ń wà ní títì ti di wákàtí kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹni tí kò sí nínú yàrá yẹn kò lè ṣe ìṣirò yìí, nítorí kò gbọ́ 400, kò sì gbọ́ ọjọ́ méjì.

Lẹ́tà náà

Ìṣòro kan ṣì kù: kò ní àdírẹ́sì ímeèlì mánéjà àti ti apòògùn. Ti obìnrin ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tó pè é wá nìkan ló ní. Èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kó mú ènìyàn máa wá nọ́ńbà àwọn ọ̀gá kiri tàbí kó máa fi Wasáàpù kàn wọ́n lára. Ó ṣí ímeèlì tí wọ́n fi pè é wá, ó tẹ Reply, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ipò tó ń wá àti ọjọ́ tó wá á ti wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ẹni tó ń kà á kò sì ní máa wá ẹni tó jẹ́ kiri. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí, bí mo ṣe tú u sí Yorùbá:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà.

Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ̀yin, mánéjà sitóò àti apòògùn àgbà fún mi láàárọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí jíṣẹ́ fún àwọn náà.

Mánéjà sọ pé kíka ọjà ní ìparí oṣù ń ti sitóò pa fún ọjọ́ méjì. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwa náà ní irú ìṣòro yìí. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ọjà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí a tó ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo sì ń ṣètò èyí tó kàn. Láàárín oṣù mẹ́ta, a kò ti ilẹ̀kùn mọ́. Fún irú òògùn 400, kíka 20 lójúmọ́ á ká gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 20.

Ìdáhùn tí mo fún apòògùn àgbà nípa fíríìjì tó gbóná mọ́jú kò pé. Kí n tó ṣe ohunkóhun, màá kó àwọn òògùn náà sọ́tọ̀ sínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, màá lẹ 'ẹ má ṣe tà' mọ́ wọn, màá kọ bí ó ṣe gbóná tó àti iye wákàtí tí mo lè mọ̀ sílẹ̀, màá sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún apòògùn.

Ohun tí mo gbọ́ lónìí mú kí iṣẹ́ yìí túbọ̀ wù mí. Bí ẹ bá fẹ́ àlàyé sí i lórí ètò kíka ọjà náà, mo ṣe tán."

Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé kò sí ibi tó ti dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ibi tó ti pe ara rẹ̀ ní aláápọn tàbí olóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìpínrọ̀ kẹta á mọ̀ pé olóòótọ́ ni. Ẹni tó bá ka èkejì á mọ̀ pé ó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí.

Ìtúnṣe kì í ṣe àwáwí

Ìpínrọ̀ fíríìjì yẹn tọ́ sí kí a dúró lé e lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń bàjẹ́. Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ fẹ́ kọ ni pé ara òun kò balẹ̀, pé òun kò sùn dáadáa, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má ṣe fi ìdáhùn yẹn dá òun lẹ́jọ́. Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Orí òògùn ni ọkàn apòògùn wà. Gbólóhùn kan tó jẹ́wọ́ pé ìdáhùn kò pé, àti ọ̀kan tó fi ìdáhùn tó pé lélẹ̀, ti tó.

Ìwọ̀n tirẹ̀ tún wà. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni lẹ́tà ọpẹ́ lè gbé. Bí ẹ bá fẹ́ tún mẹ́ta ṣe, ẹ ti ń tún ìdánwò kọ nílé, ẹni tó ń kà á á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn àṣìṣe tí òun kò tiẹ̀ kíyè sí. Ẹ mú èyí tó lè kó ìpalára bá iṣẹ́ náà gan-an, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí kò bá sì sí èyí tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ má wá a.

Ìwọ̀n gígùn náà nìyẹn. Ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ á ti kà á, nígbà mìíràn láàárín ìpàdé méjì. Lẹ́tà tó bá ti ju ọ̀rọ̀ 200 lọ ti ń tọrọ àyè tí wọn kò ní. Kókó kan, ó pọ̀ jù méjì. Bí ẹ bá ní àdírẹ́sì gbogbo àwọn tó jókòó, ẹ kọ tiwọn sí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì dá lórí ohun tí ẹni yẹn bi yín. Wọ́n máa ń fi han ara wọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ọpẹ́ yín ti di ìwé ìpolówó tí wọ́n ń há lójú pópó. Orúkọ àti oyè wọn ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà tí ẹ kọ "ọ̀gbẹ́ni" sí kò ní ka ìyókù pẹ̀lú inú kan.

Ní ti àsìkò, kí ó má kọjá ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dára jù, nítorí pé àwọn mìíràn máa ń jókòó láti yan ènìyàn láàárín ọjọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n rí yín, ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má ṣe bèèrè owó oṣù nínú rẹ̀, ẹ má sì bèèrè ìgbà tí èsì á jáde bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún yín. Lẹ́tà mìíràn nìyẹn, ọjọ́ tirẹ̀ sì ń bọ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kò yẹ kí n parọ́ fún yín: ibi kan wà tí lẹ́tà yìí kò lè ṣe nǹkan kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi máàkì sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń gba ìbéèrè kan náà, máàkì tí ẹ gbà nínú yàrá ló ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ wa tó ń wáṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń bá a pàdé. Ẹ lè kọ "ẹ ṣeun" kúkúrú fún ẹni tó ṣètò ìjókòó náà, kí ẹ má sì retí pé yóò yí máàkì padà. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni, wọ́n ti ń retí rẹ̀, ẹni tí kò kọ ọ́ ni wọ́n lè kíyè sí. Bí wọ́n bá sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kàn sí àwọn tó jókòó, ẹ pa àṣẹ náà mọ́. Ẹ̀bùn kò gbọ́dọ̀ bá ọpẹ́ yìí rìn níbikíbi, ì báà jẹ́ káàdì fóònù lásán. Níbi ìwáṣẹ́, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn.

Lẹ́tà náà kò sì lè sọ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ di ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí agbára rẹ̀ máa ń hàn ni ìgbà tí ẹni méjì bá sún mọ́ra, tí àwọn tó ń yàn sì ń wá ohun kan tí wọn yóò fi rántí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbólóhùn kan ni obìnrin ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fi dá a lóhùn ní ọjọ́ kejì: pé òun ti jíṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó fẹ́ tún kọ̀wé, mo ní kó mú sùúrù, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún un. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n pè é padà. Mánéjà sitóò nìkan ló bá nínú yàrá. Síífì rẹ̀ kò sí lórí tábìlì. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n ti tẹ̀ jáde, wọ́n sì ti fi bírò yí 20 po.

Ìbéèrè tí mánéjà fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Nínú 400 yìí, èwo ni 20 tí o máa kọ́kọ́ kà?"

Ó ní àwọn tó wọ́n jù àti àwọn tó ń yára tà ni, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń náni lówó jù, àti pé irú wọn yóò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Mánéjà fa àga sún mọ́ tábìlì, ó mú bébà funfun kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ òògùn sílẹ̀.